Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè: bí a ṣe ń pe ọ̀gá àtijọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ìpè náà kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ á tẹ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ sífíì, á kí ẹni tó gbé e, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọbìnrin kan ló fi orúkọ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí rẹfirí. Ṣé èèyàn dáadáa ni?" Ẹni tọ̀hún á ní, "Háà, ọmọ dáadáa ni o. Ó níwà, kì í sì í ṣọ̀lẹ. Ẹ bá mi ràn án lọ́wọ́." Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á ṣàdúrà díẹ̀, ó parí. Ẹni tó pè á kọ ọ́ sínú fáìlì pé rẹfirí rẹ̀ jẹ́rìí rere. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan báyìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó gbé fóònù kò purọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni kò fún un láyè láti sọ nǹkan míì. Tí a bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá ọmọ ọlọ́mọ dáa, ìdájọ́ ni a ní kó dá, ìdájọ́ náà sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó jókòó sílé tó ń retí iṣẹ́. Kò sí àgbàlagbà tó máa fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú pé òun ló dí ọmọ náà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi máa yìn ín, tó sì máa bá a bẹ̀bẹ̀. Tí a bá fẹ́ gbọ́ ohun tó wúlò, ká fi irú èèyàn tí olùwáṣẹ́ jẹ́ sílẹ̀, ká béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, báwo ló ṣe bá a, báwo ló ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, ó lè ròyìn rẹ̀ láì rò pé òun ń ba ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká sọ pé fámásì kan ní Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, ń wá ẹni tó máa bójú tó sítọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹni náà ló máa gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá, tó máa kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì máa pín in fún àwọn ẹ̀ka. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé oògùn tí déètì rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ó tún gbọ́dọ̀ tọ́jú fíríìjì tí ínsúlínì àwọn alátọ̀gbẹ wà nínú rẹ̀, nítorí pé láàárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kí èyí tí wọn kò tíì ṣí máa wà, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Obìnrin kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní fámásì mìíràn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì dáhùn dáadáa. Ó wá ku ká gbọ́ tẹnu àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Kí a tó tẹ nọ́ńbà

Iwájú olùwáṣẹ́ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Geoff Smart àti Randy Street, tí wọ́n kọ ìwé Who tó jáde ní 2008 lórí bí a ṣe ń gbani síṣẹ́, dábàá pé ká béèrè orúkọ ọ̀gá tí olùwáṣẹ́ bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, ká sì jẹ́ kó mọ̀ pé a máa bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ká bi í pé: "Tí mo bá pe ọ̀gá yín, kí ni wọ́n máa sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù? Kí ni wọ́n máa sọ pé ẹ ò tíì ṣe dáadáa tó?" Ẹni tó mọ̀ pé ìpè ń bọ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun àti ti ọ̀gá òun takora. Obìnrin tí à ń sọ yìí rò ó díẹ̀, ó ní, "Wọ́n máa sọ pé mo mọ ọjà, ṣùgbọ́n pé mi kì í tètè kọ ohun tí mo gbé jáde sílẹ̀." Ẹ kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ṣì máa wúlò.

Lẹ́yìn èyí, ká yan àwọn tí a máa pè. Àwọn tí olùwáṣẹ́ fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tàbí olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Èèyàn iyì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò rí i níbi tó ti ń ka páálí oògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníduùró, ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bí owó bá sọnù, òun ni kí wọ́n mú. Ìyẹn gbà láti dúró fún un ni, kò túmọ̀ sí pé ó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, èèyàn mẹ́ta tó: máníjà tó ń fún un níṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní sítọ́ọ̀, àti apòògùn kan ní ẹ̀ka tó ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Apòògùn yẹn ló mọ̀ bóyá ohun tí òun béèrè ni wọ́n ń gbé wá, àti bóyá ó ń dé lásìkò. A ò ní wá àwọn wọ̀nyí lẹ́yìn olùwáṣẹ́. Ká sọ fún un pé irú àwọn èèyàn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nìyí, kó fún wa lórúkọ àti àṣẹ. Tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbì kan, ẹ má ṣe pe ọ̀gá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ àyàfi tó bá ní kí ẹ pè é, nítorí ìpè yẹn lè gba iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́ rẹ̀ kí tiyín tó dájú. Òfin náà wà níbẹ̀: láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà ọmọnìyàn, ìròyìn nípa bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sì wà lára irú ohun tí òfin náà ń ṣọ́.

Ẹ tún yẹ nọ́ńbà wò. Ẹni tó fẹ́ tan yín jẹ kò ní ju kó fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rẹ́ náà sì máa jẹ́ "Máníjà". Nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ náà kọ sára pátákó tàbí ìwé ẹ̀rí ọjà rẹ̀ ni kí ẹ pè, kí ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ ń wá. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á sọ fún yín bóyá ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí àti ipò tó wà. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó pè, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ní àkókò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà tàbí tí oníbàárà tò síwájú rẹ̀ kò ní ráyè rántí ohunkóhun. "Ọmọ dáadáa ni" ló máa sọ kó lè ráyè tirẹ̀.

Nígbà tí fóònù bá dún

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé fún olùwáṣẹ́ náà ní kúkúrú, kí ẹni tí ẹ pè lè mọ ohun tó yẹ kó rántí. Ẹ sọ fún un pé olùwáṣẹ́ mọ̀ pé ẹ ń pè. Ẹ má ṣe búra fún un pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó bá sọ láéláé, nítorí pé ó lè má wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ èyí tí ẹ lè mú ṣẹ: pé ẹ ò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri, àti pé ohun tó bá sọ nìkan kọ́ ni ẹ máa fi pinnu.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn: "Ìgbà wo ni ẹ jọ ṣiṣẹ́, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?" Ẹ fi ìdáhùn wé sífíì. Níbí ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá "máníjà sítọ́ọ̀" orí bébà jẹ́ ìgbákejì ní ti gidi, tàbí bóyá ọdún mẹ́rin tó kọ síbẹ̀ jẹ́ méjì àti oṣù díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọnú iṣẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe lè lọ láàárín ẹni tó pè àti máníjà àtijọ́ náà:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rántí ìgbà tí ẹ ka ọjà gbẹ̀yìn kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó lọ dáadáa. Kò sí wàhálà."

"Ẹ ṣeun mà. Kí ni kò bá ìwé mu lọ́jọ́ náà?"

"Hùn-ún... oògùn ibà kan ni. Ìwé sọ pé páálí méjìlá ló yẹ kó wà, mẹ́sàn-án la rí."

"Báwo lẹ ṣe wá yanjú ẹ̀?"

"A wá a títí. Àṣé ó ti fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kejì lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀ títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́jọ́ Ajé. Ìwé ẹ̀ka kejì ló gbà á."

"Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ìgbà tí mo wá ní kó máa mú ìwé kékeré kan dání kiri sítọ́ọ̀, ó dín kù gan-an."

Ẹ wo ohun tí ìbéèrè mẹ́rin yìí gbé jáde. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ìbá ti parí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó pè bá sáré lọ sórí ìbéèrè tó kàn. Ìbéèrè kejì kò bi máníjà bóyá àléébù wà. Èyí tí kò bá ìwé mu ni ó béèrè, nítorí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ mọ̀ pé bí a bá ka ọjà tó pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo rẹ̀ bára mu pátápátá. Látibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe olè, pé àìtètè kọ nǹkan sílẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi tọ́jú ìṣòro náà. Ó sì bá ohun tí olùwáṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ mu, èyí tó fi hàn pé ó mọ ara rẹ̀, kò sì purọ́ fún wa.

Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún fíríìjì: "Ẹ sọ fún mi nípa ìgbà kan tí iná lọ tí ínsúlínì sì wà nílẹ̀." Bí máníjà bá ní ó máa ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ẹ ní, "Ẹ bá mi rántí ọjọ́ kan pàtó." Ó lè wá sọ pé lálẹ́ Sátidé kan, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, obìnrin náà sì wá ní àárọ̀ Sunday tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó wo témómítà, ó kó ínsúlínì sínú kúlà, ó sì fi nǹkan bo yìnyín kí ó má bàa kan oògùn ní tààrà. Èyí kọjá ìyìn. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ béèrè ibi tó kù sí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí ìgbà àtijọ́: "Nígbà náà, kí ni ó ṣì yẹ kó kọ́?" Ìwé tí mo dárúkọ lókè náà gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. "Nígbà náà" jẹ́ kí ẹni tó ń dáhùn lè sọ òótọ́ kó sì gbà pé ọmọ náà ti lè yí padà, kò dí i lọ́nà. Ẹ tún lè ní kó fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe nọ́ńbà yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì, nítorí pé mẹ́fà lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ bani jẹ́ lè jẹ́ mẹ́ta. Èyí tó tẹ̀ lé e ni: "Kí ló jẹ́ kí ẹ fún un ní mẹ́jọ, kí ló sì gba méjì tó kù?"

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù fún àwa Yorùbá nìyí: "Bí a bá gbà á, ìrànlọ́wọ́ wo ni kí ọ̀gá rẹ̀ tuntun máa ṣe fún un kó lè ṣe àṣeyọrí?" Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á ba oúnjẹ ọmọ jẹ́ máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí bí ọ̀nà láti ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ fún ẹni tó ní kó dájọ́, á sọ ọ́ níbí: "Ẹ má fi nǹkan mẹ́ta lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà," tàbí "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa gba owó, kí ó máa rí sí ọjà." Ẹ fetí sí gbólóhùn kejì yẹn dáadáa, kí ẹ sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, ẹ bi í bóyá ó máa gbà á padà bí irú àyè yẹn bá ṣí lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì béèrè ẹni mìíràn tó tún mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí rẹfirí dárúkọ fún yín kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, kò sì tíì ṣètò ohun tó máa sọ. Ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ náà tó olùwáṣẹ́ létí kí ẹ tó pè é.

Ohùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àti ohun tí wọn kò sọ

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n fóònù kò ní ojú. Ohùn nìkan ló kù fún wa. Tí ẹ bá ti béèrè ìbéèrè, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe bá a dáhùn, ẹ má ṣe sọ pé "àbí ó máa ń tètè dé?" Ẹ ka ení, èjì dé àrún nínú ọkàn yín. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kí èèyàn, tí a mọ̀ ọ́n ṣe é pẹ̀lẹ́, kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lórí fóònù, inú rẹ̀ sì ni àlàyé kejì ti máa ń jáde.

Ẹ ṣọ́ ìgbà tí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tí wọ́n sì fi ìwà dáhùn. Bí ẹ bá ní "báwo ló ṣe ń ka ọjà?" tí wọ́n ní "ó máa ń kí èèyàn, ó bẹ̀rù Ọlọ́run," ẹ rọra padà síbi tí ẹ ti kúrò. Tí ó bá tún yà, bóyá ẹni náà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò, tàbí ohun kan wà tí kò fẹ́ sọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe kọ ìtumọ̀ tí ẹ fún un. Ìtumọ̀ lè yí padà lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ti ẹnì kejì.

Nígbà tí ẹ̀rí bá wọ́

Ọ̀gá míì máa ń bínú sí òṣìṣẹ́ nítorí pé ó fi òun sílẹ̀. Òmíràn á máa yin ẹni tó fẹ́ kó lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìbéèrè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń bínú á ní "kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé", ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó sọ ọjọ́ kan pàtó, ẹ lè rí i pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà kọ ló ń dùn ún. Ẹni tó ń yìn láìnídìí náà kò ní rí ọjọ́ kan fi ti ìyìn rẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn. Ohun tí ẹni méjì tí kò jọ sọ̀rọ̀ bá ròyìn bákan náà ló yẹ kí ẹ gbé lé.

Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ dé, ọjọ́ tó lọ àti ipò tó dì mú nìkan ni wọ́n máa sọ. Ẹ máa bá èyí pàdé dáadáa bí olùwáṣẹ́ bá ti ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1994, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bírítéènì nígbà náà, dá a pé agbanisíṣẹ́ tó bá kọ ẹ̀rí nípa òṣìṣẹ́ láìfarabalẹ̀ lè jẹ gbèsè ìpalára tó bá tìdí rẹ̀ wá. Àwọn tó ń bẹ̀rù irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dín ọ̀rọ̀ wọn kù. Ẹ má ṣe ka ẹnu tí wọ́n pa mọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ olùwáṣẹ́. Ẹ ní kó fún yín ní orúkọ ọ̀gá rẹ̀ tó ti kúrò ní iléeṣẹ́ náà.

Ibi tí agbára ìpè yìí mọ

Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún jọ lórí ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bóyá òṣìṣẹ́ máa ṣe dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n wọn, òdo túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà kò sọ nǹkan kan fún wa, 1 sì túmọ̀ sí pé kò ní tàsé rárá. Bíbéèrè lọ́wọ́ rẹfirí gba 0.26. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣètò, tí gbogbo èèyàn ń dáhùn ìbéèrè kan náà, gba 0.51. Nítorí náà, ìpè kò lè rọ́pò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó máa ń ràn án lọ́wọ́ ni, ó sì máa ń tú àṣírí irọ́ orí sífíì.

Àwọn ìbéèrè kan kò sì yẹ kó jáde lẹ́nu yín: oyún, ẹ̀sìn, ẹ̀yà, àìsàn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Wọn kò sọ bí èèyàn ṣe ń ka páálí oògùn. Bí rẹfirí bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wọn, ẹ padà sórí iṣẹ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohun tó burú, ẹ fún olùwáṣẹ́ láyè láti fèsì kí ẹ tó pinnu, láì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́: "Ẹ sọ fún mi nípa ìgbà kan tí ọjà kò bá ìwé mu lọ́wọ́ yín."

Ní ti obìnrin fámásì wa, ẹni tí wọ́n jọ wà ní sítọ́ọ̀ sọ nǹkan kan náà nípa ìwé. Apòògùn ẹ̀ka kejì ní oògùn tí déètì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kò bá òun lójijì rí, nítorí pé ó máa ń pè ṣáájú. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún un ní ìwé kékeré tó máa mú dání kiri, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ pé kí oògùn kankan má ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnì kan á máa bá a ka oríṣi oògùn mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí iye orí pẹpẹ bá ń bá ìwé mu títí oṣù kẹta fi pé, kíkà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á dópin. Bí kò bá bá a mu, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò.